Ṣóòkù, géèjì àti ọmọ ọta: bí a ṣe ń yan èyí tó bá ẹyẹ àti àwo amọ̀ mu

Àparò gbéra láti inú pápá, ọdẹ yìn ín, ìyẹ́ fọ́n ká lójú òfuurufú, síbẹ̀ ẹyẹ náà fò lọ, ó wọ igbó. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ní àgbègbè Àkúrẹ́ máa ń sọ pé kàtíríìjì náà ò lágbára tó, wọ́n á sì lọ ra èyí tí ọmọ ọta inú rẹ̀ tóbi sí i. Àtúnṣe yẹn gan-an ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Bí ọmọ ọta bá ṣe tóbi tó ni iye rẹ̀ nínú kàtíríìjì ń dín kù tó, bí iye rẹ̀ bá sì ti dín kù, àlàfo tí ẹyẹ lè gbà kọjá láàárín wọn á máa fẹ̀ sí i.

Ẹni tó ní ìbọn oníkàtíríìjì tó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, yálà ó fẹ́ fi dẹ ẹyẹ ni tàbí ó fẹ́ fi yin àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè fún ìdíje. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé ọ̀nà jíjìn tí ẹ ti ń yìnbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Òun ni yóò sọ irú ṣóòkù tí ẹ nílò, ìyẹn bí ẹnu ọ̀pá ìbọn ṣe fún tó, ẹyẹ tí ẹ ń dẹ ni yóò sọ ìwọ̀n ọmọ ọta, bébà tí ẹ bá sì yìn ni yóò jẹ́rìí sí i pé ẹ yàn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìbọn

Ẹ ṣí ìbọn náà, ẹ yọ ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí títí dé ẹnu. Ní ibi tó súnmọ́ ihò tí kàtíríìjì ń wọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Ọ̀kan jẹ́ géèjì, èkejì jẹ́ gígùn ihò kàtíríìjì.

Géèjì kì í ṣe ìwọ̀n agbára. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń mú òjé tó wúwo tó pọ́n-ùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454, wọ́n á pín in sí bọ́ọ̀lù róbótó tó dọ́gba. Bí bọ́ọ̀lù tó wọ ihò ọ̀pá náà géérégé bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjìlá, géèjì 12 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ogún, géèjì 20 ni. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń ga bí ihò bá ṣe ń kéré. Ihò géèjì 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, ti géèjì 20 fẹ̀ tó 15.6. Ìbọn 410 nìkan ni kò tẹ̀ lé ìlànà yìí: fífẹ̀ ihò rẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà yẹn dúró fún, ìyẹn 0.410 íǹṣì, tó jẹ́ mìlímítà 10.4.

Ọmọ ọta kan tó bá jáde láti ẹnu géèjì 20 lè gún ẹyẹ bákan náà pẹ̀lú èyí tó jáde láti ẹnu géèjì 12, bí ìwọ̀n àti eré wọn bá dọ́gba. Iye tí ìbọn kọ̀ọ̀kan lè gbé ló yàtọ̀. Kàtíríìjì géèjì 12 tí à ń lò fún ẹyẹ sábà máa ń gbé òjé gíráàmù 28 sí 36, ti géèjì 20 máa ń gbé nǹkan bíi 24 sí 28, ti 410 kì í sì í sábà kọjá 14 sí 19. Àwọn èèyàn máa ń ra 410 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìbọn nítorí pé ó fúyẹ́ tí kì í sì í gbá èjìká. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọta rẹ̀ kéré ní iye débi pé ẹni tó mọ ìbọn yìn dáadáa ló lè fi mú ẹyẹ tó ń fò. Géèjì 20 ló yẹ ẹni tí 12 bá wúwo jù fún, ìyókù wa ò ní í ṣi ọ̀nà pẹ̀lú géèjì 12.

Ewu ńlá kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé tó ní ju géèjì kan lọ mọ̀. Bí kàtíríìjì géèjì 20 bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn géèjì 12, kò ní í dúró síbi tí kàtíríìjì ń dúró sí. Yóò yọ̀ wọnú ọ̀pá lọ, yóò sì há síwájú, níbi tí ẹni tó ń ki ìbọn kò ti ní tètè rí i. Bí ọdẹ bá fa ìbọn tí kò dún, tó rò pé òun ò tíì kì í, tó wá ki kàtíríìjì 12 sẹ́yìn èyí tó há, tó sì yìn ín, ọ̀pá ìbọn yóò bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà gan-an. Nítorí ewu yìí ni wọ́n ṣe máa ń fi yẹ́lò ṣe kàtíríìjì géèjì 20. Ẹ má ko géèjì méjì sínú àpò kan. Nígbàkígbà tí ẹ bá sì fa ìbọn tí kò dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ ṣí i, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá kí ẹ tó tún ki nǹkan míì.

Nọ́ńbà kejì, tó lè jẹ́ 65, 70 tàbí 76, jẹ́ gígùn ní mìlímítà. Gígùn tí wọ́n kọ sára páálí kàtíríìjì ni gígùn tó máa ní lẹ́yìn tí a bá yìn ín tí ẹnu rẹ̀ sì ti là. Nítorí náà kàtíríìjì 76 lè wọ ihò 70 wẹ́rẹ́, ẹ ó sì rò pé ó bá a mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá yìn ín, ẹnu rẹ̀ kò ní í ráyè là dáadáa, ipá tí ẹ̀tù ń ti inú rẹ̀ yọ á sì ga ju èyí tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún. Èyí tó kúrú lè wọ ihò gígùn, èyí tó gùn kò gbọdọ̀ wọ ihò kúkúrú.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, irú èyí tí à ń ṣẹ́ kí a tó kì í, ni òfin ohun ìjà Nàìjíríà gbà kí ọdẹ fi ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ní. Èyí tó ń ki ara rẹ̀ àti èyí tí a máa ń fi ọwọ́ fà síwá sẹ́yìn kí ọta tuntun tó wọlé kò sí lára rẹ̀. Ṣakabùlà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì lo kàtíríìjì. Ní ti èyí tí wọ́n fi páìpù rọ ládùúgbò, ẹ má fi kàtíríìjì ilé iṣẹ́ sínú rẹ̀ láé, nítorí kò sẹ́ni tó dán irin rẹ̀ wò bóyá ó lè gba ipá yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka páálí kàtíríìjì

Lẹ́yìn géèjì àti gígùn, ohun méjì tó kù lára páálí ni ìwọ̀n òjé ní gíráàmù àti nọ́ńbà ọmọ ọta. Nọ́ńbà ọmọ ọta náà ń lọ sẹ́yìn bíi ti géèjì: bó bá ṣe ga ni ọmọ ọta ṣe kéré. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú 17, iye tó bá ṣẹ́kù ni ìdábùú ọmọ ọta kan, tí a fi ìdá ọgọ́rùn-ún íǹṣì kà. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 17, ó ku 11, ìyẹn 0.11 íǹṣì, tó jẹ́ mìlímítà 2.8. Nọ́ńbà 4 á fún wa ní mìlímítà 3.3, nọ́ńbà 8 á fún wa ní 2.3.

Nọ́ńbà Amẹ́ríkà nìyẹn o. Nọ́ńbà 6 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 2.6, nọ́ńbà 4 wọn jẹ́ 3.1. Bí ẹ bá ń ra kàtíríìjì tó ti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ẹ máa wo mìlímítà tí wọ́n sábà máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, òun ni kò ní í tàn yín jẹ. Nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni mo ń lò nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí.

Nínú òjé gíráàmù 28, ọmọ ọta nọ́ńbà 8 tó nǹkan bí 410. Ti 7½ tó 350, ti 6 tó 225, ti 4 kò ju 135 lọ. Ẹ wo bí iye náà ṣe já wálẹ̀ láti 6 sí 4. Àmọ́ kì í ṣe pé kí a kàn máa mú èyí tó pọ̀ jù, nítorí ọmọ ọta kékeré fúyẹ́, afẹ́fẹ́ tètè ń gba eré lára rẹ̀. Nọ́ńbà 8 tó lè mú àdàbà ní mítà 25 lè má lè la ìyẹ́ àti igbá àyà ẹtù kọjá ní mítà 35. Ọmọ ọta gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti bá ẹyẹ níbi mélòó kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó láti wọ inú ara rẹ̀.

Fún àdàbà, mo máa ń sọ pé kí a mú 7½ tàbí 8. Nọ́ńbà 6 ló bá àparò àti òrofó mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 7½ lè ṣe é bí ẹ bá ń yìn wọ́n láti itòsí. Ẹtù ní awọ tó yi, ó sì máa ń gbéra láti òkèèrè, nítorí náà nọ́ńbà 5 tàbí 4 ló yẹ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ odò náà ń fẹ́ nọ́ńbà 4. Òdídẹrẹ́ àti igún kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òfin dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì ti ń tán lọ nínú igbó wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó ọba, ẹ má wọ ibẹ̀ lọ dẹ ẹyẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ṣóòkù ìbọn yín

Ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tó kẹ́yìn, ihò ọ̀pá ìbọn máa ń fún díẹ̀ kó tó dé ẹnu. Fífún yẹn là ń pè ní ṣóòkù. Nínú géèjì 12, ṣóòkù kíkún fi nǹkan bíi mìlímítà kan fún ju inú ọ̀pá lọ. Ṣóòkù àbọ̀ fi bí ìdajì mìlímítà fún, ṣóòkù ìdá mẹ́rin fi bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ fún. Èyí tí kò fún rárá ni ẹnu gbayawu. Ohun kékeré báyìí ló ń pinnu bí ọmọ ọta ṣe máa tàn ká lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ìtànká yìí ti pẹ́: wọ́n á yìnbọn sí bébà láti yáàdì 40, ìyẹn bíi mítà 36 àti ààbọ̀, wọ́n á fa òbírí tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, wọ́n á sì ka ihò tó wà nínú rẹ̀. Ẹnu gbayawu á kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọta sínú òbírí yẹn. Ìdá mẹ́rin á kó 50, àbọ̀ á kó 60, kíkún á kó 70. Ní itòsí, ìyàtọ̀ náà tún hàn sí i. Ní mítà 18, ọta ẹnu gbayawu ti fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80, nígbà tí ti ṣóòkù kíkún kò tíì ju 40 lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ṣóòkù kíkún ń jẹ́ kí ìbọn “lọ jìnnà”. Kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún eré ọmọ ọta kankan, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n wà papọ̀ pẹ́ sí i ni. Ẹni tó ń dẹ òrofó lábẹ́ igi kòkó, níbi tí kò ti lè rí ẹyẹ kọjá mítà 20, tó wá ń lo ṣóòkù kíkún, ti sọ ìdajì àyè tó ní nù. Bó bá fi díẹ̀ ṣì í, ó ṣì í pátápátá. Bó bá sì bá a, ẹran náà á fọ́ débi pé kò ní í ṣeé jẹ.

Láti mọ ṣóòkù ìbọn yín, ẹ wo ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára ọ̀pá ọ̀pọ̀ ìbọn tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá. Ìràwọ̀ kan jẹ́ ṣóòkù kíkún, mẹ́ta jẹ́ àbọ̀, mẹ́rin jẹ́ ìdá mẹ́rin. Bí ṣóòkù yín bá jẹ́ èyí tó ṣeé tú, ẹ ka iye ẹ̀gé tó wà létí rẹ̀ lọ́nà kan náà: bó bá ṣe kéré ni ó ṣe fún tó. Ẹ má yìn irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láìsí ṣóòkù lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọta á ba ìlà tí ṣóòkù ń wé mọ́ jẹ́, kí ẹ sì tún un dè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pá ọ̀tún ló sábà máa ń fẹ̀ jù, ibi ìfà iwájú ló sì ń yìn ín. Òun ni ti ẹyẹ tó ṣì wà nítòsí. Ọ̀pá òsì wà fún èyí tó ti ń lọ.

Ẹni tó bá gé ẹnu ìbọn rẹ̀ kúrò kí ó lè rọrùn láti gbé nínú igbó ti gé ṣóòkù rẹ̀ dànù. Kò sí kàtíríìjì tó lè dá a padà.

Àpẹẹrẹ kan lójú ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ jẹ́ ká mú ọdẹ kan tó ń dẹ àparò ní pápá àgbàdo tí wọ́n ti kórè, lójú ọ̀nà Ìdànrè. Ìbọn rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, géèjì 12, ọ̀tún jẹ́ ṣóòkù àbọ̀, òsì jẹ́ kíkún. Kàtíríìjì tó ń lò jẹ́ gíráàmù 32, nọ́ńbà 4. Àparò máa ń lúgọ títí èèyàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹyẹ náà gbéra ní bíi mítà 15. Kí ìbọn tó dé èjìká, ó ti tó mítà 25. Bí ọta kejì á bá tún lọ, ẹyẹ á ti tó mítà 35.

Iye ọmọ ọta nọ́ńbà 4 tó wà nínú gíráàmù 32 jẹ́ nǹkan bí 152. Ní mítà 36, ọ̀pá òsì rẹ̀ á kó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sínú òbírí, ìyẹn bíi 106. Ẹyẹ tó tó àparò ń fẹ́ nǹkan bí 130 nínú òbírí yẹn kí ó tó lè dá wa lójú pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á bá a lára. Àlàfo ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìgbà míì ọmọ ọta kan ló máa bá a ní ìyẹ́ apá, ìyẹ́ á já, ẹyẹ á lọ kú sínú igbó níbi tí ọdẹ ò ti ní í rí i.

Bí ọdẹ yìí bá fi nọ́ńbà 6 rọ́pò rẹ̀ nínú gíráàmù 32 kan náà, ọmọ ọta á di nǹkan bí 254. Ọ̀pá òsì á kó bíi 178 sínú òbírí ní mítà 36, tí ọ̀tún pàápàá á kó bíi 152. Ní mítà 25 tí ọta àkọ́kọ́ ti máa ń lọ, ṣóòkù àbọ̀ á kó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, ìyẹn ju 200. Kò ra ìbọn tuntun, kò pààrọ̀ ṣóòkù, kò sì san owó lé iye tó ń ra kàtíríìjì. Nọ́ńbà ara páálí nìkan ló yí padà.

Ọdẹ kan náà, bó bá lọ dẹ ẹtù tó máa ń gbéra ní mítà 30, ó yẹ kó padà sí nọ́ńbà 5 tàbí 4. Ẹtù tóbi ju àparò lọ dáadáa, ọmọ ọta tó kéré ní iye ṣì lè rí i bá, awọ rẹ̀ sì ń fẹ́ èyí tó wúwo.

Kó tó fa ìbọn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹyẹ. Àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó gun orí ebè, èyí tó gun orí ebè náà ló sì ń mú kí èèyàn fẹ́ yìn ín nílẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọta nọ́ńbà 6 lè rìn tó mítà 220 kó tó bọ́ sílẹ̀, ti nọ́ńbà 4 lè tó 260, obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tó ń wa ẹ̀gẹ́ nínú oko tó tẹ̀ lé e kò sì ga ju ebè lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ gòkè kí ẹ lè rí ojú sánmà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹran bá délé, ẹ gé gbogbo ibi tí ọta gbà wọlé dànù, pẹ̀lú ẹran tó yí i ká. Òjé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọta, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé àti aboyún. Ẹ yẹ ìfun àti iwe náà wò kí ẹ tó sè wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yin bébà

Gbogbo ìṣirò tí a ṣe yẹn wà fún ìbọn tó bá ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìbọn méjì tí wọ́n tẹ ìràwọ̀ kan náà sí lára lè má tan ọta ká bákan náà, kàtíríìjì ilé iṣẹ́ méjì tí gíráàmù àti nọ́ńbà wọn dọ́gba náà lè yàtọ̀ lẹ́nu ìbọn kan ṣoṣo. Bébà nìkan ló lè sọ tiyín.

Ẹ ra bébà ńlá tàbí páálí pẹlẹbẹ tó tó mítà kan àbọ̀ níbùú àti lóròó. Ẹ lè lẹ kéékèèké pọ̀. Ẹ gbà á láyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí ebè amọ̀ gíga tàbí òkè erùpẹ̀ wà lẹ́yìn bébà. Ẹ má fi àpáta ṣe ẹ̀yìn, bó ti wù kí ó súnmọ́ yín tó ní agbègbè Ìdànrè, nítorí ọmọ ọta tó bá gbá òkúta á ta padà sójú yín. Ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, kí ẹ sì di etí.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí àárín bébà, kí ẹ wá wọn ọ̀nà jíjìn tí ẹ máa ń yìnbọn ní tòótọ́. Bí ẹ bá ń dẹ òrofó ní mítà 20, mítà 20 ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe 36. Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré sí bébà kan, ẹ yọ ọ́, ẹ kọ ọ̀pá tí ẹ lò, kàtíríìjì àti ọ̀nà jíjìn sára rẹ̀, kí ẹ tó gbé òmíràn dúró. Bébà kan ò tó láti fi dájọ́, nítorí ọta méjì kì í tàn ká bákan náà. Mẹ́ta ni ó kéré jù, márùn-ún ló dára jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ihò ti pọ̀ jù lórí bébà. Ẹ so okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38 mọ́ pẹ́ńsù, kí ẹ sì fi fa òbírí yí ibẹ̀ ká, kódà bí kò bá sí lórí àmì tí ẹ fi sáàárín. Bí gbogbo bébà bá fi hàn pé òbírí náà ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọ̀ràn ìdí ìbọn tàbí bí ẹ ṣe ń gbé ojú lé e nìyẹn, kò kan ṣóòkù. Ẹ ka ihò inú òbírí, ẹ pín in sí iye ọmọ ọta tó wà nínú kàtíríìjì, ẹ ó rí ìdá tí ìbọn yín ń kó jọ.

Iye nìkan ò tó o. Ẹ gé páálí kékeré tó tó ara àparò láìka ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú. Ẹ máa gbé e kiri nínú òbírí náà. Ibikíbi tó bá bo ihò tí kò tó mẹ́ta, ẹyẹ lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí irú ibẹ̀ bá pọ̀ káàkiri, ọmọ ọta yín kéré ní iye: ẹ gba nọ́ńbà tó ga sí i tàbí ṣóòkù tó fún sí i. Bí àárín bá dí fọ́fọ́ tí etí sì ṣófo, ṣóòkù yín fún jù fún ọ̀nà jíjìn yẹn. Kí ẹ tó ná owó sórí ṣóòkù, ẹ kọ́kọ́ dán kàtíríìjì ilé iṣẹ́ mìíràn wò. Èyí tí òjé rẹ̀ le, tó sì ní ife rọ́bà tó ń gbé ọmọ ọta kọjá nínú ọ̀pá, sábà máa ń wà papọ̀ dáadáa, nítorí ọmọ ọta tí kò tẹ̀ ni kì í ṣáko.

Bí ó bá jẹ́ àwo amọ̀ ni

Amọ̀ lásán lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dà àti òkúta ẹfun lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kí ó lè rọrùn láti fọ́. Èyí tí wọ́n ń lò nínú ìdíje àgbáyé fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11, ó sì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 105. Kò ní awọ, kò ní egungun, ọmọ ọta kékeré méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti là á. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ara àparò lọ, nígbà míì sì rèé, etí rẹ̀ tínínrín nìkan ló máa kọjú sí yín. Iye ọmọ ọta ló ṣe pàtàkì jù níhìn-ín, wíwúwo wọn kò tó nǹkan. Ìdíje Òlíḿpíìkì kò tiẹ̀ gbà ju kàtíríìjì gíráàmù 24 lọ, síbẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn ń fọ́ àwo lórí àwo.

Oríṣi méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní skítì, àwo ń ti ẹ̀gbẹ́ méjì wá, ó ń kọjá níwájú yín, ó sì wà nítòsí, ní nǹkan bíi mítà 20. Ẹnu gbayawu àti nọ́ńbà 9 ló bá a mu, nítorí gíráàmù 28 nọ́ńbà 9 ní ọmọ ọta tó tó 585. Nínú tráápù, àwo ń sá lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, ó sì ti lè tó mítà 30 sí 35 kí ẹ tó yìn ín. Níbẹ̀, ṣóòkù àbọ̀ tàbí kíkún àti nọ́ńbà 7½ ni kí ẹ mú, nítorí eré nọ́ńbà 9 ti máa ń dín kù jù kó tó dé ibẹ̀. Kàtíríìjì àwo nọ́ńbà 7½ yìí kan náà ṣe é lò fún àdàbà.

Ẹni tí kò tíì ní ṣóòkù tó pọ̀ tó lè fi ṣóòkù ìdá mẹ́rin àti nọ́ńbà 8 bẹ̀rẹ̀ fún méjèèjì.

Àǹfààní tí àwo ní ju ẹyẹ lọ ni pé ó ń fi àṣìṣe han ẹni tó yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bó bá di eruku pátápátá ní mítà 20, àárín ọta ló bá a, ṣóòkù yín sì lè máa fún jù. Ẹ tú u, ẹ fi èyí tó fẹ̀ sí i, ẹ ó rí i pé èyí tí ẹ ń ṣì tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ bá ti yìn ín ni èérún kékeré kan máa ń já létí rẹ̀ tí ìyókù á sì máa lọ, etí ìtànká ọta ló ń bá a, ibi tí ẹ gbé ìbọn sí ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò: ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ń yìn sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà míì ló ń fọ́, ìgbà míì ló ń lọ láìfọ́, tí ẹ sì dá ara yín lójú pé ìbọn wà níbi tó yẹ, ẹ padà sídìí bébà ní ọ̀nà jíjìn kan náà, kí ẹ sì gbé páálí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11 kiri nínú òbírí láti wá àlàfo náà.